Ìwé Tí Ó Ń Dá Káàdì Lẹ́jọ́

Àwọn àgbà ní, bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ni í mú kí babaláwo máa dÍfá ọrọọrún. Ní Àjàṣẹ́ níbí, ẹni tí ọ̀rọ̀ ọ̀la bá ń jẹ lọ́kàn mọ ilé awo tí yóò kàn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ti Ifá ni a fẹ́ sọ. Káàdì tí àwọn Faransé ń pè ní tárò ni ọ̀rọ̀ wa dá lé, èyí tí ìbátan wa kan mú bọ̀ láti Párísì tí ó sì fi sílẹ̀ fún àwa méjì, ọmọ bàbá kan náà.

Káàdì 78 ni. Àwọn 22 ni àgbà inú wọn: Oòrùn wà níbẹ̀, Òṣùpá wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni Kẹ̀kẹ́ Ogun àti Ẹni Tí A So Rọ̀. Àwọn 56 tí ó kù pín sí ìdílé mẹ́rin: ife, idà, owó àti ọ̀pá. Láti ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n ti ń fi wọ́n ta ayò lásán ní ilẹ̀ Ítálì. Ní 1781 ni ọ̀mọ̀wé kan ní Párísì, Antoine Court de Gébelin, kọ ọ́ sínú ìwé pé ọgbọ́n àwọn ará Íjíbítì àtijọ́ ni ó fara pamọ́ sínú wọn. Kò mú ẹ̀rí kankan wá, síbẹ̀ kò pẹ́ tí fífi káàdì wo ọjọ́ iwájú fi di iṣẹ́ ní ilẹ̀ Faransé.

Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀, a kì í kọ nǹkan kan sílẹ̀. Ní ọdún náà, àbúrò wa obìnrin fẹ́ lọ kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán lọ́dọ̀ ìyá kan ní Kútọnu. Ó ní kí a bá òun wò ó. A tẹ́ káàdì mẹ́ta, Ẹni Tí A So Rọ̀ sì jókòó sáàárín. Àbúrò wa kò lọ mọ́. Ọmọ ẹlòmíràn gba àyè rẹ̀. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, a gbọ́ pé ìyá náà ti ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa. Gbogbo ilé hó yèè. Ìyá wa ní, “Ẹ ò rí i bí? Ṣebí ẹ sọ ọ́, pé ṣọ́ọ̀bù yẹn kò ní pẹ́ tí yóò fi tú ká.” Àwa méjèèjì mi orí, nítorí a rántí dájú pé a sọ bẹ́ẹ̀.

A kò sọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan nínú wa ti fi bíírò kọ ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà sẹ́yìn ìwé kan tí a fi ń ṣírò owó oúnjẹ, ó sì ti gbàgbé. Ohun tí a bá níbẹ̀ ni èyí: “Sùúrù. Ohun kan yóò dúró. Yóò fi ojú mìíràn wo nǹkan.” Kò sí ṣọ́ọ̀bù níbẹ̀, kò sí títú ká. Lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ ti ṣẹlẹ̀ ni ọkàn wa lọ tún àsọtẹ́lẹ̀ náà kọ. Ẹ̀rù bà wá, nítorí ọdún kan nínú ayé ọmọ ẹni ni a fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ dá dúró.

Ọjọ́ náà ni a ra ìwé olójú ewé gbọ̀ọ̀rọ̀. A pinnu pé kí a tó dìde nídìí káàdì ni a ó ti kọ ọjọ́, ìbéèrè, orúkọ káàdì bí wọ́n ti tò tẹ̀ lé ara wọn, àti ohun tí a sọ. Ní Sátidé tí ó bá parí oṣù, a ó ṣí i, a ó sì fi àmì sí i: ó ṣẹ, kò ṣẹ, tàbí kò ṣeé dá lẹ́jọ́.

Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ dójú tì wá. Nínú àyẹ̀wò 30, 17 ni kò ṣeé dá lẹ́jọ́. “Ìyípadà ń bọ̀”: ta ni ìyípadà kì í bá? “Ṣọ́ra fún ẹni tí ó sún mọ́ ọ”: ìgbà wo ni a ó mọ̀ pé kò ṣẹ? Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ba gbogbo ènìyàn mu bí agbádá ńlá. Onímọ̀ nípa ìwà ẹ̀dá kan ní Amẹ́ríkà, Bertram Forer, ti fi èyí hàn ní 1948. Ó fún akẹ́kọ̀ọ́ 39 ní àpèjúwe ìwà, ó jẹ́ kí oníkálùkù rò pé tirẹ̀ nìkan ni, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn gbà. Nígbà tí wọ́n fi máàkì sí i, láti òdo dé 5, ìpíndọ́gba rẹ̀ jẹ́ 4.26.

Nítorí náà a fi òfin méjì kún un. Èkíní, gbólóhùn wa gbọ́dọ̀ dárúkọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ àti ọjọ́ tí kò gbọdọ̀ kọjá. Èkejì, kí a tó ṣí káàdì, a ó kọ ohun tí làákàyè wa fúnra rẹ̀ sọ. Òfin kejì yìí ni ó la ojú wa jù lọ.

Ẹ jẹ́ kí a mú ọ̀kan. Àbúrò ìyá wa, tí ó ń ta aṣọ ní ọjà Wàǹdó, ń retí ẹrù láti Èkó. Ó bèèrè bóyá yóò dé kí ọjọ́ Jímọ̀ tó pé. Kí a tó ṣí káàdì, a kọ ọ́ pé: “Yóò dé, nítorí irú ẹrù yìí kì í sábà pẹ́ ní ẹnubodè.” Lẹ́yìn náà ni Kẹ̀kẹ́ Ogun jáde, káàdì ìrìn àti ìṣẹ́gun, a sì kọ ọ́ pé: “Yóò dé kí Jímọ̀ tó pé.” Ẹrù dé ní Ọjọ́bọ̀. Tẹ́lẹ̀ rí, a ì bá jó yí ilé ká. Ṣùgbọ́n ìwé náà fi hàn pé làákàyè ti sọ ọ́ kí káàdì tó sọ ọ́. Kò sí oyè tí a lè fi káàdì jẹ níbẹ̀.

Ibi tí méjèèjì bá ti yapa nìkan ni a ti ń dán káàdì wò. Nínú àyẹ̀wò 40 tí ó tẹ̀ lé e, ìgbà 11 ni wọ́n yapa: káàdì jàre ní ìgbà 5, làákàyè jàre ní ìgbà 6. Iye náà kéré jù láti fi ṣe ìdájọ́ ìkẹyìn, ṣùgbọ́n a kò rí ohun tí káàdì mọ̀ tí àwa kò mọ̀.

Ohun kan wà tí ìwé náà kò lè wọ̀n. Bí àyẹ̀wò bá ní kí ènìyàn má lọ, tí kò sì lọ, kò sí ẹni tí yóò rí bí ìrìn náà ì bá ti rí. Ìdí nìyí tí a fi ń kọ ohun tí ẹni náà ṣe nítorí ọ̀rọ̀ wa, kí a lè mọ ẹrù tí a gbé lé e lórí.

A ṣì ń tẹ́ káàdì nígbà mìíràn, nítorí ó ń mú kí ènìyàn sọ ohun tí ń bẹ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọdún tó kọjá, a pàdé ọmọ tí ó gba àyè àbúrò wa ní Kútọnu. Ó ti gba òmìnira iṣẹ́. Ó sọ fún wa pé ìyá náà kò tú ká rárá. Ṣe ni ó kó ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ sí àdúgbò mìíràn. A padà sílé, a ṣí ìwé náà, a lẹ ewé ìwé ìṣirò oúnjẹ náà mọ́ ojú ewé àkọ́kọ́, a sì kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé: kò ṣeé dá lẹ́jọ́. Lábẹ́ rẹ̀ ni àbúrò wa ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọjọ́ tí òun yóò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.