Ta Ni "Ẹ" Inú Ewì Mi?

Ìyá ìyá mi kú ní ọdún tó kọjá, mo sì fẹ́ kọ ewì sí wọn. Ohun tó kọ́kọ́ dá mi dúró kì í ṣe ọ̀rọ̀ ńlá kankan. Arọ́pò orúkọ ni. Ṣé "o" ni kí n pè wọ́n ni, àbí "ẹ"?

Àwa tí a wà ní ẹ̀ka yìí mọ̀ pé iṣẹ́ méjì ni "ẹ" ń ṣe. Ó ń tọ́ka sí ọ̀pọ̀ ènìyàn, ó sì ń tọ́ka sí ẹnì kan ṣoṣo tí a ń bọ̀wọ̀ fún. Tí a bá jọ dúró, ẹni tí mo kọjú sí ló máa fi èyí tí mo ní lọ́kàn hàn. Nínú ìwé, kò sí ẹni tí mo kọjú sí. Mo kọ ọ́ pé, "Ẹ ti lọ, ẹ ò padà mọ́." Ọ̀rẹ́ mi kà á, ó ní ó jọ pé àwọn tó ti gboyè jáde ni mò ń bá wí. Mo yí i sí "O ti lọ, o ò padà mọ́." Ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní ta ló já mi sílẹ̀?

A lè sọ pé kò sí ohun tó burú nínú "o". Apohùn tó ń ki ọba lè pè é ní "ìwọ", Bíbélì Yorùbá náà sì ń pe Ọlọ́run bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi kì í ṣe apohùn nínú ewì yìí, ọmọ-ọmọ ni mí. N kò pe Màmá ní "o" rí nígbà ayé wọn. Tí mo bá pè wọ́n bẹ́ẹ̀ báyìí, á dà bíi pé ikú ló fún mi láàyè.

Mo padà sí "ẹ". Mo wá ń fi "Màmá" síwájú ìlà kọ̀ọ̀kan, mo ń kà á sókè. "Màmá, ẹ fi etí ìró yín nu ojú mi" dúró dáadáa. Lóòótọ́, wọ́n ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí n tó sọ ọ́, àmọ́ bí oríkì ṣe rí nìyẹn: a ń sọ ohun tí ẹni náà mọ̀ nípa ara rẹ̀ kí àwọn tó wà nítòsí lè gbọ́.

Ìlà kan ni kò gbà. Nígbà tí mo ṣì ń lo "o", mo ti kọ ọ́ pé, "Ta ni yóò máa pè ọ́ ní Àjọkẹ́?" Èmi ni Àjọkẹ́. Àwọn nìkan ló ń pè mí bẹ́ẹ̀. N kò lè sọ pé, "Màmá, ta ni yóò máa pè yín ní Àjọkẹ́?" Ara mi ni mo ti ń bá sọ̀rọ̀ látìgbà náà, "o" ló bò ó mọ́lẹ̀.

Mo yọ "ọ́" kúrò, mo fi "mí" sí i. "Màmá" ló bẹ̀rẹ̀ ewì náà báyìí, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé òun ni mò ń pè ní "ẹ". Ìlà Àjọkẹ́ ló parí rẹ̀. Ìbéèrè ni, àwọn ni mo sì ń bi.