Máàkì méjìlá tó sọnù

 Láti Anié ní Tógò ni mo ti ń kọ̀wé yìí.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní ọmọbìnrin kan tó ń kọ́ ìtàn ní yunifásítì. Lọ́dún tó kọjá, ọmọ náà gbé ìwé àròkọ rẹ̀ wá bá mi nílé. Mẹ́jọ nínú ogún ni wọ́n fún un, bẹ́ẹ̀ mẹ́wàá ni ọmọ gbọ́dọ̀ ní lọ́dọ̀ wa kó tó yege. Ìdánwò àtúnṣe ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Bàbá rẹ̀ sì ti sọ pé bó bá tún kùnà, kó máa bọ̀ wálé wá ran ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ lọ́jà, torí owó yàrá tí òun ń san ti ń wọ òun lọ́rùn.

Ó ní, “Tọ́ntọ́n, olùkọ́ yẹn kò fẹ́ràn mi. Ẹ wo bó ṣe fi bíírò pupa ba gbogbo ìwé mi jẹ́. Faransé mi ni kò dáa tó. Màá jókòó ti gírámà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.”

Mo bi í pé, “Báàrẹ́mù náà ńkọ́?” Báàrẹ́mù ni ìwé tí olùkọ́ fi ń pín máàkì, tó sọ iye tí apá kọ̀ọ̀kan nínú àròkọ ní. Ó yọ ọ́ jáde nínú àpò rẹ̀, ó ti ká a sí mẹ́rin. Kò tíì tẹ́ ẹ sí ẹ̀gbẹ́ àròkọ rẹ̀ wò rí. A tẹ́ méjèèjì sórí tábìlì, mo ní kó kọ iye tó gbà àti iye tó pàdánù sílẹ̀:

Ìfáárà àti òye ìbéèrè: 1 nínú 4, ó pàdánù 3.
Ètò àlàyé: 2 nínú 5, ó pàdánù 3.
Ẹ̀rí àti ìtumọ̀ rẹ̀: 2 nínú 6, ó pàdánù 4.
Ìparí: 1 nínú 2, ó pàdánù 1.
Èdè: 2 nínú 3, ó pàdánù 1.

Ó wò ó títí, kò sọ̀rọ̀. Gírámà tó fẹ́ fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọ́, máàkì kan péré ló gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ká ní ó kọ Faransé tí kò lábùkù, mẹ́sàn-án ni ì bá gbà, ì bá sì tún kùnà.

Bíírò pupa ló ṣì í lọ́nà. Àṣìṣe èdè wà lójú ìwé, olùkọ́ ń fà á nídìí bó ṣe ń kà á lọ. Ṣùgbọ́n àlàyé tí akẹ́kọ̀ọ́ kò ṣe rárá kò sí lójú ìwé, kò sí ohun tí wọ́n máa fà nídìí. Nítorí náà, ibi tí pupa pọ̀ sí lè má jẹ́ ibi tí máàkì ti bọ́. Iye tó sọnù lápá kọ̀ọ̀kan ni ká kọ́kọ́ kà, ká tó wá ka ohun tí olùkọ́ kọ.

Ohun tí olùkọ́ kọ kò pọ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ó kọ pé, “O ń sọ ìtàn, o kò dáhùn.” Ní ẹ̀gbẹ́ ìpínrọ̀ kejì ó kọ pé, “Kí ló wá ti ibẹ̀ jáde?” Ọmọ náà rò pé èébú ni. Mo ní kó ka ìbéèrè náà sókè: “Dé ìwọ̀n wo ni ojú irin fi yí ìgbé ayé àwọn ará agbègbè Atakpamé padà?”

Mo bi í pé, “Kí ni wọ́n ní kí o wọ̀n?”

Ó ní, “Ojú irin.”

Mo ní, “Rárá. Ìyípadà ni. ‘Dé ìwọ̀n wo’ túmọ̀ sí pé ó yí nǹkan padà níbì kan, kò yí i padà níbòmíràn, kí o sì sọ èyí tó pọ̀ jù. O kò wọn nǹkan kan.”

Ibẹ̀ ni máàkì mẹ́ta ìfáárà bọ́ sí. Ètò àlàyé rẹ̀ náà bá a lọ: ìgbà àwọn Jámánì, ìgbà àwọn Faransé, ìgbà òmìnira. Ọdún ló fi to ọ̀rọ̀ rẹ̀, bí ẹni ń ka oyè ọba. Ẹni tó bá fẹ́ wọn ìyípadà yóò kọ́kọ́ sọ ohun tó yí padà, yóò sọ ohun tí kò yí padà, yóò wá dájọ́.

A mú ìpínrọ̀ kejì. Ohun tó kọ rèé: “Àwọn Jámánì ṣe ojú irin láti Lomé wá sí Atakpamé kí Ogun Àgbáyé Kìíní tó bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà, àwọn Faransé fà á kọjá Anié dé Blitta.” Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kí ló wá ti ibẹ̀ jáde? Mo ní kó fi ohun tó fẹ́ fi hàn ṣáájú, kí ẹ̀rí tẹ̀ lé e, kí ó sì sọ ohun tí ẹ̀rí náà túmọ̀ sí. Lẹ́yìn ìgbà mẹ́ta tó tún un kọ, ó di báyìí:

“Ojú irin yí ọ̀nà tí ẹrù ń gbà dé etíkun padà ju bó ṣe yí iṣẹ́ oko padà lọ. Kí ọkọ̀ ojú irin tó dé, orí ni àwọn èèyàn fi ń ru ẹrù láti Atakpamé lọ sí Lomé, ìrìn ọjọ́ púpọ̀. Nígbà tó dé, òwú ń dé èbúté lọ́nà tó yá. Síbẹ̀, àgbẹ̀ tí oko rẹ̀ jìnnà sí ibùdókọ̀ ṣì ń fi orí ru tirẹ̀ débẹ̀, ọkọ́ náà ló sì fi ń ro oko.”

Ẹ wò ó, kò fi ìwé tuntun kan kún un. Ohun tó wà nínú àkọsílẹ̀ kíláàsì rẹ̀ ni, ó kàn fi dáhùn ìbéèrè ni.

Mo kìlọ̀ fún un pé kó má há àròkọ náà sórí, torí ìbéèrè mìíràn ni yóò jáde. Ìwà mẹ́ta ni kó mú lọ: kó fa ìlà sí ọ̀rọ̀ tó sọ iṣẹ́ tí ìbéèrè ń béèrè; kó kọ ìdáhùn rẹ̀ ní gbólóhùn kan kó tó bẹ̀rẹ̀; kó sì bi ara rẹ̀ ní ìparí ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan pé, “Kí ló wá ti ibẹ̀ jáde?” Mo sì ní kó ro máàkì náà pọ̀ fúnra rẹ̀, torí olùkọ́ máa ń ṣìṣirò nígbà mìíràn. Tirẹ̀ pé. Mo tún sọ fún un pé báàrẹ́mù olùkọ́ kan kì í ṣe ti èkejì. Bí ẹlòmíràn bá fún èdè ní mẹ́fà, àkókò gírámà dé nìyẹn.

Nínú ìdánwò àtúnṣe, ó gba méjìlá. Ẹ̀rí ṣì ni ibi tó ti pàdánù jù, mẹ́ta nínú mẹ́fà, ó sì ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí ó tó pè mí. Yàrá rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n èmi náà rí tèmi nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ọdún pípẹ́ ni mo ti ń kọ “Tún un ṣe” sórí ìwé àwọn ọmọ kíláàsì mi, láìsọ ohun tí wọn yóò tún ṣe. Ní báyìí, mo máa ń kọ iye tó sọnù sí ẹ̀gbẹ́ apá kọ̀ọ̀kan, mo sì ń kọ ìbéèrè kan tí ọmọ lè dáhùn. Ó ń jẹ́ kí iṣẹ́ mi pẹ́ kí ó tó parí. Ìyàwó mi ti ráhùn pé àtùpà mi kì í kú mọ́ lálẹ́.