Màtá Lẹ́nu Ibojì

Wọ́n ní kí n kọ ewì Àjíǹde fún ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ẹ̀gbẹ́dá. Màtá, arábìnrin Lásárù, ni mo fi ọ̀rọ̀ sí lẹ́nu. Mo kọ ọ́ tán, mo kà á fún ìyá mi.

Ìyá ní, "Màtá tìrẹ yìí ti mọ̀ pé òkú máa jí."

Òótọ́ ni. Ayọ̀ ìparí ni mo ti fi bẹ̀rẹ̀.

Mo padà sí Jòhánù orí 11. Lójú ọ̀nà, Màtá ti jẹ́wọ́ pé Jésù ni Kristi. Àfìgbà tí Jésù ní kí wọ́n gbé òkúta kúrò ni ẹ̀rù bà á: òkú ti pé ọjọ́ mẹ́rin, yóò ti máa rùn. Kò yí ìjẹ́wọ́ rẹ̀ padà. Òkúta yẹn ni kò fẹ́ kí wọ́n ṣí.

Ìyá dákẹ́, ó ní, "Nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ kú, mi ò jẹ́ kí wọ́n ṣí pósí."

Mo fa ewì náà ya, mo tún un kọ. Báyìí ló ṣe parí:

Olúwa, mo gbà ọ́ gbọ́ lójú ọ̀nà,
Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi yìí ló wẹ̀ ẹ́.
Má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n ṣí i.
Jẹ́ kí n máa rántí ojú rẹ̀ bí mo ṣe mọ̀ ọ́n.

Mi ò pe Lásárù jáde. Gbogbo ìjọ ló mọ̀ pé yóò jáde. Màtá nìkan ni kò mọ̀.

Nígbà tí wọ́n kà á tán, Ìyá fi gèlè nu ojú. Ó ní, "Màtá nìyí."