Àlàfo Inú Ìwé Iye Owó Wa

Àwa mẹ́fà la jọ ń gbé ilé kan ní Ìbàdàn, a sì máa ń dá owó ra oúnjẹ pọ̀ tí sáà ẹ̀kọ́ bá bẹ̀rẹ̀. Ní sáà tó kọjá, a pín ara wa sí ọjà mẹ́ta láti bèèrè iye tí wọ́n ń ta ẹ̀wà àti gàrí, kí a lè mọ ibi tí owó wa yóò ti ra ọjà jù. Èmi ni wọ́n ní kí n kó ohun tí olúkúlùkù bá gbọ́ sínú ìwé kan lórí kọ̀ǹpútà.

Ẹni tó lọ sí ọjà kìíní kọ ọ́ pé kóńgò ẹ̀wà kan jẹ́ "2.4k". Ẹni tó lọ sí ìkejì kọ ọ́ pé àpò ẹ̀wà jẹ́ "75,000 náírà". Ẹnìkẹta kọ "₦1350", ó ní ìdajì kóńgò ni. Tí a bá la òpó fún kóńgò, ìdajì kóńgò àti àpò, àyè mẹ́sàn-án ló máa wà fún ẹ̀wà nìkan: mẹ́ta ní iye, mẹ́fà ṣófo. Ọ̀kan nínú wa tiẹ̀ ti ń pariwo pé ọjà kẹta ni ká lọ, torí 1,350 ló kéré jù lójú.

Mo ní ká ní sùúrù. Kì í ṣe iye owó ló sọnù nínú àyè mẹ́fà yẹn. A ti bèèrè ní ọjà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Òṣùwọ̀n kan ṣoṣo la kò ní. Mo pa àwọn òpó náà rẹ́, mo fi ọ̀kan rọ́pò wọn: náírà fún kílò kan.

Kóńgò kì í sọ bí nǹkan ṣe wúwo. Àyè inú rẹ̀ ló ń wọ̀n, nítorí náà kóńgò gàrí fúyẹ́ ju kóńgò ẹ̀wà lọ. Mo yá ìwọ̀n lọ́wọ́ màmá tó ń ta ẹja yìnyín ládùúgbò wa. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ṣé o ti fẹ́ máa ta ẹ̀wà ni?" Mo ní, "Rárá o, mà, mo fẹ́ rà á ni." Kóńgò ẹ̀wà tiwa jẹ́ kílò 1.5, ti gàrí sì jẹ́ 1.2. Ti àpò ẹ̀wà wà lára rẹ̀: kílò 50.

Gbogbo owó ni mo kọ ní nọ́ńbà lásán, mo sì fi àmì náírà sí orí òpó nìkan. Ìdí ni pé kọ̀ǹpútà ka "2.4k" sí ọ̀rọ̀, kì í kà á mọ́ owó. Òpó C gba owó tí a gbọ́, D gba kílò, èyí sì parí iṣẹ́ yòókù:

```
=IF(OR(C2="",D2=""),"",C2/D2)
```

Ọjà kìíní: 2,400 pín sí 1.5, ó jẹ́ 1,600. Ìkejì: 75,000 pín sí 50, ó jẹ́ 1,500. Ìkẹta: 1,350 pín sí 0.75, ó jẹ́ 1,800. Ọjà tó kéré jù lójú ló wá wọ́n jù. Kílò 50 níbẹ̀ máa jẹ́ ₦90,000, ₦15,000 ju iye àpò ọjà kejì lọ.

Àlàfo kan wà tí n kò dí. Ẹnì kan kọ iye àpò gàrí, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó wọn àpò náà, àpò gàrí kan kì í sì í dọ́gba pẹ̀lú èkejì. Mo fi í sílẹ̀ lófo, mo kọ "a kò wọ̀n ọ́n" sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ má ṣe fi òdo dí irú àyè bẹ́ẹ̀. AVERAGE máa ń fo àyè òfìfo, ṣùgbọ́n ó máa ń ka òdo. Ìpíndọ́gba 1,600 àti 1,500 jẹ́ 1,550. Tí òdo bá wọ àárín wọn, ó di 1,033, iye tí oníṣòwò kankan kò pè.

Mo tún fi òpó kan kún un tó ń sọ òṣùwọ̀n tí wọ́n fi pe iye náà. 1,500 ọjà kejì, iye ẹni tó ń ra odindi àpò ni. Tí o bá lọ ra kóńgò kan níbẹ̀, kò sẹ́ni tó máa tà á fún ọ ní 2,250, torí ẹni tó ń já àpò tà gbọ́dọ̀ jèrè. Àwa ẹni mẹ́fà lè ra àpò, nítorí náà iye yẹn wúlò fún wa. Ẹni tó ń dá jẹun kò gbọdọ̀ gbé e lé ọkàn.

Ọjà kejì la lọ. Kí wọ́n tó di àpò náà sẹ́yìn ọkọ̀, a kọ́kọ́ gbé e sórí ìwọ̀n.