Ẹ Ní Kí Wọ́n Kọ Ọ́ Sílẹ̀ Bí Wọ́n Ṣe Ṣírò Owó Orí Yín

Ọ̀rọ̀ ìwé owó orí tí wọ́n tún ti ń pín ní ìlà-ìlà ló mú wa kọ èyí, torí ó ti ṣe àwa náà rí.

Àwa tọkọtaya ní ṣọ́ọ̀bù kan níbí lókè Ọya, mílíìkì, ṣúgà, ọṣẹ àti bisikíìtì là ń tà. Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹta ọdún 2023, àwọn òṣìṣẹ́ owó orí ìpínlẹ̀ kó ìwé dé ìlà wa. Iye tó wà lórí tiwa jẹ́ náírà 341,600, wọ́n ní owó orí ọdún 2022 ni. Lọ́dún tó ṣáájú, 18,000 la san! Orúkọ wa wà níbẹ̀, iye yẹn wà níbẹ̀, báńkì tí a ó san án sí wà níbẹ̀, pẹ̀lú gbólóhùn kan nísàlẹ̀ pé bí a kò bá gbà, kí a kọ̀wé láàárín ọgbọ̀n ọjọ́. Ibi tí iye náà ti wá, kò sí.

A kọ́kọ́ rò pé àwa nìkan ni. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ìyá tó ń ta ike lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa mú tiẹ̀ wá, 341,600. Bàbá tó ń ta táyà ní òdìkejì, tó ní ṣọ́ọ̀bù méjì, 341,600. Ibẹ̀ la ti mọ̀ pé wọn kò wo ìwé ẹnikẹ́ni. Ike, táyà àti ṣúgà kò lè jẹ èrè kan náà kí kọ́bọ̀ má yà. Wọ́n fojú bù ú ni.

Ká sòótọ́, ẹ̀bi wa wà níbẹ̀. Òfin ní kí oníṣòwò kọ iye tó jẹ lérè sínú fọ́ọ̀mù, kó sì fi ránṣẹ́ kí oṣù kẹta tó parí. A kò fi ránṣẹ́ rí. Ẹni tí kò bá sọ iye tirẹ̀, òfin fún wọn láṣẹ kí wọ́n fojú bù ú fún un. Ṣùgbọ́n fífojú bù náà ní ìdí tó yẹ kó dúró lé.

Bàbá oní-táyà ní òun mọ ẹnìkan ní ọ́fíìsì wọn, kí á lọ bẹ̀ ẹ́ kó gé e sí àbọ̀. Ó wù wá, a ò ní purọ́. Ọmọ ẹ̀gbọ́n wa kan tó ń ṣiṣẹ́ àkáǹtì ló dá wa dúró. Ó ní, "Ẹ̀yin bàbá, àbọ̀ kí ni? Bí ẹ kò bá mọ bí wọ́n ṣe dé 341,600, báwo lẹ ṣe mọ̀ pé àbọ̀ rẹ̀ kò pọ̀ jù?"

Òun ló bá wa kọ lẹ́tà. Ojú ewé kan péré ni. A kọ nọ́ńbà tó wà lórí ìwé wọn àti ọjọ́ tí a gbà á. A ní kí wọ́n kọ̀wé fún wa láti ṣàlàyé nǹkan mẹ́rin: iye tí wọ́n gbà pé à ń tà lójúmọ́, iye ọjọ́ tí wọ́n fi sọ ọ́ di ọdún kan, iye tí wọ́n kà sí èrè, àti ohun tí wọ́n yọ kúrò kí wọ́n tó ṣírò owó orí.

Ohun tó ṣe pàtàkì jù wà ní ìsàlẹ̀ lẹ́tà náà. Ọmọ yẹn ní bíbéèrè àlàyé kò dá ọgbọ̀n ọjọ́ dúró. Bí èèyàn bá jókòó tó ń retí èsì, tí ọjọ́ bá pé, iye yẹn lè di gbèsè tó jókòó tì í. Nítorí náà a kọ ọ́ sínú lẹ́tà kan náà pé a kò gba iye yìí, a sọ ìdí, a sì kọ iye tí àwa rò pé ó tọ́, náírà 41,680, láti inú ìwé ọjà wa. Ní ọjọ́ 13 oṣù kẹta, a mú un lọ ní ẹ̀dà méjì. Akọ̀wé tó gbà á ní, "Alhaji, kọ̀ǹpútà ló ṣe é, kò sí àlàyé kankan." A ní kò burú, kó ṣáà bá wa lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tiwa, kó kọ ọjọ́ sí i. Ó pẹ́ kó tó ṣe é, ṣùgbọ́n ó ṣe é.

Ọjọ́ 11 oṣù kẹrin ni èsì dé. Ẹ ka ọjọ́ yẹn dáadáa: ọgbọ̀n ọjọ́ ti kọjá.

Àlàyé wọn kò ju ìlà mẹ́rin lọ. Ọjà 40,000 lójúmọ́, ọjọ́ 360, ó di 14,400,000. Èrè ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún, ó di 2,160,000. Wọ́n wá ṣírò owó orí lórí gbogbo rẹ̀, 341,600.

Ọmọ wa wò ó, ó rẹ́rìn-ín. Nígbà náà, òfin ní kí wọ́n kọ́kọ́ yọ 200,000 náírà àti ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó wọlé fún ẹnikẹ́ni kí wọ́n tó bu owó orí lé e. Lórí 2,160,000, èyí jẹ́ 632,000. Wọn kò yọ ọ́. Ká ní a gba gbogbo ìyókù gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́, 210,320 ni owó orí ìbá jẹ́. Nǹkan kan tí wọ́n gbàgbé, 131,280! Ẹ̀bẹ̀ kò lè fi èyí hàn wá.

Ìkejì, a kì í ṣí lọ́jọ́ Àìkú, a kì í sì í ṣí lọ́jọ́ ọdún. Ọjọ́ 300 ni ìwé ọjà wa fi hàn, ọjà ojúmọ́ sì jẹ́ 32,000. Ìyẹn 9,600,000 lọ́dún. A kò bá wọn jà lórí ìdá 15, torí ó súnmọ́ ohun tí à ń jẹ. Èrè di 1,440,000.

Wọ́n pè wá sí ìpàdé. A kó ìwé ọjà lọ, àti rìsíìtì owó ṣọ́ọ̀bù, 180,000. Wọ́n gba méjèèjì. Ṣùgbọ́n 240,000 tí a san fún ọmọ tó ń bá wa tà, àti 160,000 tí epo jẹnẹrétọ̀ àti ọkọ̀ gbà, wọ́n kọ̀ ọ́. Ọmọ náà kò fọwọ́ síwèé rí, epo kò sì ní rìsíìtì. A bínú, ṣùgbọ́n ẹnu kò tó láti fi jà á. Ó ku 1,260,000. Wọ́n yọ 452,000 tí òfin fún wa, owó orí wá bọ́ sórí 808,000. Nínú oṣù karùn-ún, ìwé tuntun dé: 85,200. A san án ní báńkì, a gba rìsíìtì.

Ìyá oní-ike kọ tiẹ̀ bíi tiwa, tiẹ̀ náà sì wálẹ̀. Bàbá oní-táyà ń retí ènìyàn rẹ̀ títí ọjọ́ fi pé. Wọ́n wá ti ṣọ́ọ̀bù méjèèjì pa, ó sì san gbogbo rẹ̀ kí wọ́n tó ṣí i.

Láti oṣù kìíní ọdún 2026, òfin tuntun ti dé, ìṣirò ti yàtọ̀. 800,000 àkọ́kọ́ kò ní owó orí mọ́. Àwọn 200,000 àti ìdá 20 yẹn ti lọ, owó ilé tí èèyàn ń gbé ni wọ́n ń wò dípò rẹ̀: ìdá kan nínú márùn-ún rẹ̀, kò sì gbọ̀dọ̀ ju 500,000 lọ. Torí náà, ẹ má ṣe fi iye tiwa ṣírò tiyín. Nǹkan mẹ́rin tí a béèrè yẹn ṣì lẹ lè béèrè, kí ẹ kàn fi owó ilé kún un.

Ẹ̀dà lẹ́tà wa, èyí tó ní òǹtẹ̀, wà ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹni tó bá fẹ́ wò ó, kó yà, a kì í ṣí lọ́jọ́ Àìkú. Ọmọ tó ń bá wa tà ń fọwọ́ síwèé lóṣooṣù báyìí.