Ogún òròmọdìyẹ ẹ̀bá títì

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fa àga súnmọ́ bí, ìtàn yìí gùn díẹ̀. Tí màmá yín tàbí ìyálé yín bá ń sin adìyẹ lẹ́yìnkùlé, ẹ kà á dé ìsàlẹ̀.

Àbúrò màmá mi ń gbé n'Ìbàdàn. Àgbébọ̀ 36 ni wọ́n ní, gbogbo wọn ló ti ń yé. Nǹkan bíi kírétì kan lójúmọ́, ìyẹn ọgbọ̀n ẹyin. Owó ẹyin yẹn ni Àǹtí fi ń dá àjọ, inú àjọ yẹn sì ni owó Wáẹ̀kì ọmọ wọn ti máa jáde. Mo lọ lo ọ̀sẹ̀ méjì lọ́dọ̀ wọn torí mo fẹ́ ya fídíò nípa adìyẹ ẹ̀yìnkùlé. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní ẹ̀rí gbogbo nǹkan tí mo fẹ́ sọ yìí lórí fóònù mi, tọjọ́tọjọ́.

Ní Sátidé àkọ́kọ́, Àǹtí ń bọ̀ láti ọjà, wọ́n rí bọ̀dá kan lẹ́bàá títì tó to páálí síwájú, òròmọdìyẹ kún inú ẹ̀. Ó ní wọ́n ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó ní, "Màmá, gbogbo àjẹsára wọn ti pé." Ìdajì iye tí wọ́n ń ta irú wọn níbòmíì ló pè é. Àǹtí ra ogún.

Mo ya fídíò páálí yẹn bí wọ́n ṣe gbé e wọlé. Ìgbà tí mo tún un wò lẹ́yìn náà ni mo rí i pé àwọn ọmọ adìyẹ náà ò tóbi bákan náà, àwọ̀ wọn ò sì dọ́gba. Ó dájú pé ibi tí wọ́n ti kó wọn jọ ju ẹyọ kan lọ. Tí ilé kan ṣoṣo bá ní àrùn láàárín wọn, gbogbo páálí ti ní in nìyẹn.

Inú ilé adìyẹ kan náà ni Àǹtí kó wọn sí, nẹ́ẹ̀tì ló wà láàárín àwọn àti àwọn ìyá adìyẹ. Sílípáàsì kan náà ni wọ́n ń wọ̀ lọ síbí, wọ̀ lọ sọ́hùn-ún. Agolo kan náà ni wọ́n fi ń bu oúnjẹ.

Ní Túsìdeè, méjì nínú àwọn òròmọdìyẹ dúró sójú kan, wọ́n dijú, apá wọn wọ́lẹ̀. Àǹtí ní òtútù ni, wọ́n bá fi gílóòbù iná sí i. Lọ́jọ́ kejì, mẹ́rin ti kú. Òròmọdìyẹ máa ń kú lóòótọ́, kò sẹ́ni tó pariwo.

Ẹyin ló kọ́kọ́ sọ òótọ́ fún wa. Jímọ̀ọ̀, 29. Sátidé, 21. Sánńdè, 12, mẹ́ta nínú ẹ̀ sì rọ̀ bíi rọ́bà, kò ní èèpo líle. Mọ́ńdè, àwọn àgbébọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yanu mí, ọ̀fun wọn ń dún, ìgbẹ́ wọn di omi, ó tún láwọ̀ ewé. Ní Túsìdeè, ọ̀kan yí ọrùn sẹ́yìn bí ẹni tó fẹ́ wo ojú ọ̀run, ó ń pòòyì lójú kan. Mi ò lè ya fídíò ìyẹn tán.

Aládùúgbò kan sáré gbé áńtíbáyọ́tíìkì oníyẹ̀fun wá, ó ní ká pò ó mọ́ omi. A pò ó. Wọ́n ṣì ń kú. Ibí ni owó ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbà sọnù, ẹ fetí sí i: fáírọ́ọ̀sì ló fa èyí, áńtíbáyọ́tíìkì kì í sì í pa fáírọ́ọ̀sì. Ó lè ran adìyẹ lọ́wọ́ lórí àrùn mìíràn tó bá wọ ara tó ti rẹ̀, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Dókítà ẹran dé ní Wẹ́sìdeè. Ó la òkú adìyẹ kan níwájú wa. Ó fi ikùn kékeré tó ṣáájú iwe hàn wá, ẹ̀jẹ̀ tò sí i tótòtó. Ó ní yàrá àyẹ̀wò ló lè fìdí ẹ̀ múlẹ̀ pátápátá, àmọ́ pẹ̀lú ẹyin, ìgbẹ́ àti ọrùn yẹn, lúkúlúkú ni. Níúkásù tí àwọn òyìnbó ń pè é nìyẹn. Àwọn ìyá wa àgbà ti mọ̀ ọ́n látijọ́.

Àǹtí ní, "Dókítà, ṣáká lára wọn dá lọ́jọ́ tí mo rà wọ́n." Ó ní bẹ́ẹ̀ náà ni, mà. Àrùn yìí máa ń gbé inú ara fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kó tó fojú hàn, ọjọ́ márùn-ún sí mẹ́fà ló wọ́pọ̀ jù. Ẹni tó bá kó òròmọdìyẹ tuntun wálé ní láti yà wọ́n sọ́tọ̀ síbi tó jìnnà fún ọ̀sẹ̀ méjì ó kéré tán, kó máa bọ́ wọn kẹ́yìn, kó sì ní bàtà tiwọn lọ́tọ̀. Nẹ́ẹ̀tì kì í dá èémí àti eruku ìgbẹ́ dúró.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ni ọkùnrin kan gun ọ̀kadà dé, pẹ̀lú agbọ̀n lẹ́yìn. Mi ò mọ ẹni tó sọ fún un. Ó fẹ́ ra gbogbo àwọn tó ṣì ń mí, títí kan òròmọdìyẹ tó kù. Owó tó pè kéré, àmọ́ owó ni. Àǹtí wo agbọ̀n yẹn títí. Wọ́n ní, "Níbo lo máa kó wọn lọ?" Ó ní, "Ẹ̀bá títì náà ni, Màmá. Wọ́n máa tà kíá."

Àwa méjèèjì wo ara wa. Bí òròmọdìyẹ ìdajì owó ṣe máa ń dé ẹ̀bá títì nìyẹn: ẹnì kan rí i pé adìyẹ òun ti ń kú, ó tà wọ́n kí wọ́n tó kú tán. Àǹtí ní kó máa lọ. Èmi àti ọmọ wọn gbẹ́ ihò tó jìn dé ìbàdí, a sin àwọn òkú.

Àgbébọ̀ mẹ́sàn-án ló kù nínú 36. Òròmọdìyẹ méjì.

Àwọn àgbébọ̀ yẹn ti gba àjẹsára nígbà tí Àǹtí rà wọ́n: èyí tí wọ́n ń kán sójú, Lasóta inú omi, Kòmárọ́fù tí wọ́n ń gún. Agbára ẹ̀ máa ń dín kù ni, ó yẹ kí wọ́n máa tún Lasóta fún wọn lóṣù méjì sí mẹ́ta. Oṣù méje ti kọjá. Ẹ má tíì bínú sí Àǹtí o. Ìgò tí wọ́n ń rí rà tó adìyẹ 200, tí wọ́n bá sì ti pò ó, wákàtí kan sí méjì ló ní kó fi tán. Ta ló fẹ́ ra ti 200 fún adìyẹ 36? Ní báyìí, àwọn ilé mẹ́rin ládùúgbò ti ń dáwó ra ìgò kan. Inú kúlà oníyìnyín ni wọ́n fi ń gbé e wálé, omi kànga ni wọ́n sì ń lò, torí kẹ́míkà omi ẹ̀rọ máa ń pa àjẹsára náà.

Àwọn alájọ gbà kí Àǹtí sinmi fún ìgbà díẹ̀. Èmi àti màmá mi la san owó Wáẹ̀kì.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹnì kan tún pe Àǹtí pé òun ní òròmọdìyẹ olówó pọ́ọ́kú. Mo wà níbẹ̀. Wọ́n ní, "Ọjọ́ wo ni wọ́n jáde? Ilé wo ló fi ẹ̀rọ sàba wọn? Fi káàdì àjẹsára wọn ránṣẹ́ sórí Wásáàpù mi." Ó ní òun ń bọ̀, kí wọ́n dúró díẹ̀.

A ṣì ń dúró.