Caps Lock tó so ọ̀rọ̀ márùn-ún pọ̀

Nígbà tí a ń ṣe áí-tí ní ọ́fíìsì kékeré kan lójú òpópónà Allen, n'Íkẹjà, àwa méjì la jókòó ti fáìlì ọ̀rọ̀ Yorùbá kan, ọ̀rọ̀ kan lórí ìlà kan. A fẹ́ kọ prógírámù Python kékeré tí yóò máa wá ọ̀rọ̀ tí àmì ohùn rẹ̀ bá ṣáko. Ẹ mọ̀ pé ẹni tó ń ka Yorùbá ní yunifásítì kì í fi àmì ohùn ṣeré.

Ìlà 1,240 ló wà nínú fáìlì náà láàárọ̀. Lọ́sàn-án, a tẹ `wc -l`, ó ní 1,236. Kò sẹ́ni tó pa nǹkan kan rẹ́. Jẹnẹrétọ̀ ń pariwo lábẹ́ fèrèsé, a tún ń bi ara wa léèrè ta ló ṣe é. Ìgbà tó yá la rí ìlà kan báyìí: «ọkọ ọkọ́ ọkọ̀ ọ̀kọ̀ oko». Ọ̀rọ̀ márùn-ún ti di ìlà kan.

Vim la fi ń ṣiṣẹ́. Nínú Vim, `j` kékeré ń gbé yín lọ sí ìlà tó wà nísàlẹ̀, ṣùgbọ́n `J` ńlá ń fa ìlà ìsàlẹ̀ wá sẹ́yìn èyí tí ẹ wà. Ọ̀kan nínú wa ń wá lẹ́tà a, ìka ọmọńdinrín rẹ̀ kan Caps Lock tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò sì mọ̀. Ó tẹ `j` lẹ́ẹ̀mẹrin kó lè sọ̀kalẹ̀. Ìlà mẹ́rin bá lọ. Bí ẹ bá ń tẹ nǹkan nínú Vim tí ó ń ṣe ohun tí ẹ ò rán an, ẹ kọ́kọ́ wo iná Caps Lock. Ẹ má sáré tẹ `u` láti yí i padà, torí nígbà náà `U` lẹ ń tẹ̀, iṣẹ́ ọ̀tọ̀ sì ni tiẹ̀.

Bọ́tìnì yìí kò ṣe wá lóore rí. Esc, tí a ń tẹ̀ láìmọye ìgbà ká tó jáde nínú ìkọ̀wé, sì jìnnà réré lókè. Kò rí bẹ́ẹ̀ níbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Bill Joy ń kọ vi, bàbá Vim, ní 1976, lórí ẹ̀rọ ADM-3A ló ń ṣiṣẹ́. Níbẹ̀, Esc wà níbi tí Tab wà lónìí, Ctrl sì wà níbi tí Caps Lock jókòó sí.

Lórí Ubuntu wa, ìlà kan ti tó:

```
setxkbmap -option caps:escape
```

Ọ̀kan nínú wa fara mọ́ ọn. Èkejì ní Ctrl lòun fẹ́, `ctrl:nocaps` ló sì fi síbẹ̀, torí nínú Vim, Ctrl pẹ̀lú `[` ń ṣe iṣẹ́ Esc, Ctrl sì wúlò níbi gbogbo. A jiyàn títí, kò sẹ́ni tó yí. Ẹni tí kò bá lo Vim, a rò pé kó mú Ctrl.

Ọ̀fìn kan wà níbẹ̀. Bí Caps Lock bá ń tàn lọ́wọ́ nígbà tí ẹ tẹ àṣẹ yìí, lẹ́tà ńlá lẹ ó máa kọ, kò sì ní sí bọ́tìnì tí ẹ ó fi pa á. Ó ṣe wá. Ẹ fi `setxkbmap -option ''` nu gbogbo rẹ̀ kúrò, ẹ pa iná náà, kí ẹ tó tún un ṣe.

Èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ lé wa kúrò ni pé a fẹ́ kó dúró títí, a wá kọ `XKBOPTIONS="caps:escape"` sínú `/etc/default/keyboard` lórí kọ̀ǹpútà tí gbogbo ọ́fíìsì ń lò. Ní ọjọ́ kejì, àǹtí tó ń tẹ orúkọ oníbàárà sórí ìnífọ́ìsì, tí lẹ́tà ńlá nìkan ló sì ń lò látàárọ̀ ṣúlẹ̀, pariwo pé ẹ̀rọ òun ti bàjẹ́. Ó ti di Shift mú pẹ̀lú ọwọ́ òsì fún wákàtí kan. A kúnlẹ̀, a ní, «Ẹ jọ̀ọ́ mà, àwa la ṣe é.» Ó ní, «Ẹ̀yin ọmọ yìí, ta ló rán yín níṣẹ́?»

Fáìlì yẹn ń bá gbogbo ẹni tó bá wọlé sórí ẹ̀rọ náà wí. A pa ìlà náà rẹ́, a fi èyí sínú àkáǹtì tiwa nìkan:

```
gsettings set org.gnome.desktop.input-sources xkb-options "['caps:escape']"
```

Èyí ń dúró bí a bá tilẹ̀ pa ẹ̀rọ tí a tún tan án, ó sì ń ṣiṣẹ́ lórí Wayland, níbi tí `setxkbmap` ti lè dákẹ́ bí ẹni gbọ́ràn, kí bọ́tìnì má sì yí padà. Lẹ́yìn náà la pín ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀, ọ̀kọ̀ àti oko padà sí ìlà wọn. `wc -l` ní 1,240. Àǹtí kò jẹ́ ká sún mọ́ kíbọọ̀dù òun mọ́ títí a fi parí áí-tí.